Ojú Méjì Lórí Ìdáhùn Kan: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kápà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùwádìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pápá wá tààrà, tí eruku ọ̀nà ṣì wà lára bàtà yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Ibi tí iṣẹ́ yín parí sí ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ ti lọ bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè. Ẹ ò to ìdáhùn kalẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n sì sọ ọ́. Ẹ wá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdáhùn délé. Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín kò ní jókòó ka gbogbo rẹ̀. Dandan ni kí ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí. Ẹni tó bá jókòó pín wọn, olùpín ni mo máa pè é. Ìwé tí a kọ òfin ìpín sí, ìwé kóòdù ni.

Ìbéèrè tó gbé mi wá síbí rèé: nígbà tí olùpín bá kọ "2" síwájú ìdáhùn ìyá kan, báwo la ṣe mọ̀ pé ohun tí ìyá náà sọ ni "2" yẹn ń tọ́ka sí, tí kì í ṣe ohun tó ti wà lọ́kàn olùpín tẹ́lẹ̀? Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. A ó gbé ìdáhùn kan náà àti ìwé kóòdù kan náà fún ẹlòmíì. Yóò pín tirẹ̀ lọ́tọ̀, láì wo ti ẹni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà la ó gbé méjèèjì ko ara wọn lójú. Nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe fẹnu kò tó, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti àkọsẹ̀bá kúrò, ni à ń pè ní kápà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò

Àpẹẹrẹ tí mo fúnra mi tò kalẹ̀ ni mo fẹ́ lò, kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn fún wa. Ká ní a bi àwọn ìyá léèrè pé: "Kí ló dé tí ẹ ò gbé ọmọ padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kù?" A mú 100 ìdáhùn. Ìsọ̀rí mẹ́ta ló wà nínú ìwé kóòdù wa. Ìkíní ni ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀. Ìkejì ni ìbẹ̀rù: bóyá ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ṣáájú, tàbí wọ́n sọ ohun kan fún ìyá tó dẹ́rù bà á. Ìkẹta ni ohun tí ojú ìyá rí ní ilé ìwòsàn: ìdúró pẹ́, ìjágbe mọ́ni, àìsí abẹ́rẹ́.

Olùpín méjì la ní, Àṣàkẹ́ àti Àkànní. Wọ́n ṣiṣẹ́ tán, a sì ya pátákó ìṣirò kan. Ohun tí Àṣàkẹ́ sọ wà lápá òsì, ti Àkànní wà lókè:

| | Ọ̀nà àti owó | Ìbẹ̀rù | Ilé ìwòsàn | Àpapọ̀ Àṣàkẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| Ọ̀nà àti owó | 36 | 2 | 12 | 50 |
| Ìbẹ̀rù | 2 | 25 | 3 | 30 |
| Ilé ìwòsàn | 2 | 3 | 15 | 20 |
| Àpapọ̀ Àkànní | 40 | 30 | 30 | 100 |

Ẹ wo ìlà tó dagun láti igun òkè lápá òsì lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: 36, 25, 15. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 76. Nínú 100 ìdáhùn, wọ́n fẹnu kò lórí 76. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dúró síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé "ìbámu jẹ́ 76 nínú 100", wọ́n á sì lọ sùn. Ṣé a lè lọ sùn báyìí? Rárá o.

Ìbámu tó jẹ́ àkọsẹ̀bá

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ kápà so mọ́.

Ká ní Àṣàkẹ́ kò ka ìdáhùn kankan rárá. Ó kàn ń fi ojú dídì kọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé ìdajì ìdáhùn bọ́ sí ọ̀nà àti owó, bó ṣe máa ń ṣe. Ká ní Àkànní náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń ju 40 nínú 100 síbẹ̀. Ṣé wọn ò ní pàdé rárá ni? Wọ́n á pàdé! Ẹni méjì tó ń rìn lójú dídì nínú yàrá kan náà á fara kan ara wọn. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní ìbámu àkọsẹ̀bá. Ó ń wọ inú 76 wa yẹn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú.

A lè ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀nà àti owó, ẹ fi ìpín Àṣàkẹ́ sọ ìpín Àkànní di púpọ̀: 0.50 lọ́nà 0.40, ó di 0.20. Fún ìbẹ̀rù, 0.30 lọ́nà 0.30, ó di 0.09. Fún ilé ìwòsàn, 0.20 lọ́nà 0.30, ó di 0.06. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 0.35. Ìyẹn ni pé bí wọn ò bá tilẹ̀ la ojú wo ìdáhùn kan ṣoṣo, bí wọ́n bá ṣáà ti di àṣà wọn mú, a retí kí wọ́n fẹnu kò lórí nǹkan bí 35 nínú 100.

Jacob Cohen, onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò yìí jáde lọ́dún 1960. Ohun tó ní ká ṣe ni pé ká yọ àkọsẹ̀bá kúrò nínú ohun tí a rí, ká wá bi ara wa pé: nínú àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àkọsẹ̀bá, èwo ni àwọn méjèèjì fi òye ara wọn gbà? Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́:

```
kappa = (Po - Pe) / (1 - Pe)
      = (0.76 - 0.35) / (1 - 0.35)
      = 0.41 / 0.65
      = 0.63
```

`Po` ni ìbámu tí a fojú rí. `Pe` ni àkọsẹ̀bá tí a retí. Bí wọ́n bá fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀, kápà á jẹ́ 1. Bí ìbámu wọn kò bá ju ti àkọsẹ̀bá lọ, òdo ni. Ó tilẹ̀ lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ta ko ara wọn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ fáìlì yín wò, torí ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti gbé nọ́ńbà ìsọ̀rí méjì wọ ara wọn.

Kí n fi èyí há a, nítorí àwọn tó bá ka ìwé ìgbà àtijọ́: ọdún márùn-ún ṣáájú Cohen, lọ́dún 1955, William Scott ti ṣe irú ìṣirò yìí, orí pípín ìdáhùn inú ìwádìí gan-an ló sì dá a lé. Ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀. Scott da àṣà olùpín méjèèjì pọ̀ kó tó ṣírò àkọsẹ̀bá. Cohen jẹ́ kí àṣà oníkálukú dúró láyè ara rẹ̀, bí a ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti ní fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́rin péré ni nínú R, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé páálí `irr` sórí rẹ̀:

```r
library(irr)
d <- read.csv("idahun.csv")
table(d$asake, d$akanni)
kappa2(d[, c("asake", "akanni")])
```

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìlà kẹta yẹn. Òun ló máa ya pátákó náà fún yín. Ìlà kẹrin á fún yín ní kápà àti ohun kan tí wọ́n kọ ní `p-value`. Ẹ má yọ̀ nítorí pé `p-value` kéré. Ohun tó ń sọ kò ju pé kápà yín kì í ṣe òdo, ta ló sì sọ pé òdo ni? Ẹni méjì tó gbọ́ èdè kan náà, tó ka ìwé kóòdù kan náà, kò yẹ kó wà ní òdo.

Ṣé 0.63 dára?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi mí nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ti pé?" bí ẹni tó ń wọn gàrí.

Landis àti Koch tẹ tábìlì kan jáde lọ́dún 1977. Wọ́n ní láti 0.41 dé 0.60 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, láti 0.61 dé 0.80 gbámúṣé, ohun tó bá ju ìyẹn lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Títí di òní ni wọ́n ń da tábìlì yẹn kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé àwọn kàn fà àwọn ààlà náà ni, pé kò sí òfin kan tó bí wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní 0.63 "gbámúṣé", mo máa ń bi í pé: gbámúṣé fún kí ni? Bí ìjọba bá fẹ́ tìtorí ìdáhùn wọ̀nyí pinnu bóyá kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lọ sí abúlé tàbí kí wọ́n tún ìwà òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣe, ìdáhùn 24 tí a kò fẹnu kò lé lórí pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà. 100 ìdáhùn péré la lò. Bí a bá mú 100 mìíràn nínú àwọn ìdáhùn kan náà, kápà lè má jẹ́ 0.63 mọ́. Bí a bá fi ìṣirò tó wọ́pọ̀ wọn àìdájú yìí, ibi tí kápà wa lè wà gan-an bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 0.50, ó sì lọ dé 0.76. Ká ní ìdáhùn 40 la lò, ì bá bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 0.43 dé 0.83. Ẹ rí i pé ó gba inú ìsọ̀rí mẹ́ta kọjá nínú tábìlì Landis àti Koch. Ẹni tó bá fi ìdáhùn 40 wọn kápà, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní gbámúṣé, ojú ara rẹ̀ ló ń bò.

Ẹ wo ibi tí ìjà kó ara jọ sí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ fún yín ohun tó bàjẹ́. Pátákó ló máa sọ ọ́. Ẹ padà sórí rẹ̀. Ìdáhùn 24 ni wọ́n ti yapa. Ṣé ó tàn káàkiri ni? Rárá. 12 nínú rẹ̀, ìdajì gbáko, wà nínú àpótí kan ṣoṣo: ibi tí Àṣàkẹ́ ti kọ ọ̀nà àti owó, tí Àkànní sì kọ ilé ìwòsàn. Ẹ tún wo òdì kejì rẹ̀: ibi tí Àṣàkẹ́ ti kọ ilé ìwòsàn, tí Àkànní kọ ọ̀nà àti owó, 2 péré. Kí nìyẹn ń sọ fún wa? Bó bá ṣe àìfarabalẹ̀ ni, à bá rí i lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó bá rọ̀ sápá kan báyìí, òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé, kálukú sì dúró ṣinṣin nínú tirẹ̀.

A wá ṣí ìdáhùn 12 náà kà. Irú ohun tí a máa bá níbẹ̀ rèé: "Mo gbé e dé bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta ni ò sí." Ibo lẹ máa fi èyí sí? Àṣàkẹ́ gbọ́ owó ọkọ̀, ó kọ owó. Àkànní ní ká ní wọ́n rí abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, kò ní sí pé à ń wá owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta. Èwo nínú wọn ló ṣì? Kò sí. Ìwé kóòdù ló dákẹ́.

Èdè wa náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan sọ pé: "Nǹkan ò rọrùn." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé owó ló ń sọ. Ṣùgbọ́n olùpín tó ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì lè gbà pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ló nira fún un láti rìn. Ìyá mìíràn ní: "Ara ọmọ gbóná." Ṣé ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí ìyá wá ń bẹ̀rù? Àbí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ tó yẹ kó wá, tí wọn kò fi lè gbé e jáde? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìbẹ̀rù. Ti ìkejì kò tilẹ̀ ní ìsọ̀rí nínú ìwé kóòdù wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pín ìdáhùn ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ń ka Yorùbá, tí ẹnìkejì ń ka ìtumọ̀, kápà yín á wálẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá olùpín ló ṣì ni tàbí atúmọ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣáájú kí ẹ tó pín ẹgbẹ̀rún ìdáhùn ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, nígbà tí ìwé kóòdù ṣì ṣeé tún kọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, a fi òfin méjì kún un. Òfin kìíní: bí ìyá bá ti dé ilé ìwòsàn rí, tí ohun tó bá pàdé níbẹ̀ sì wà lára ìdí tí kò fi padà, ilé ìwòsàn ni, bó tilẹ̀ dárúkọ owó. Òfin kejì: "nǹkan ò rọrùn" láì sí àlàyé mìíràn, ọ̀nà àti owó ni. A kọ àpẹẹrẹ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á kó àwọn 100 tí wọ́n jọ jiyàn lé lórí padà fún olùpín, wọ́n á tún wọn kápà, ó máa ga fíofío. Kí ló máa ṣe tí kò ní ga? Wọ́n ti jọ sọ ìdáhùn rẹ̀! Ìdáhùn tuntun, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí, ni kí ẹ gbé fún wọn, kí kálukú sì tún jókòó lọ́tọ̀. Ká ní nínú 100 tuntun, wọ́n fẹnu kò lórí 89, tí àkọsẹ̀bá sì jẹ́ 0.344. Kápà á jẹ́ 0.83. Pátákó tuntun yẹn náà ni kí ẹ wò: bí àpótí tó ní 12 tẹ́lẹ̀ bá ti di 3, a mọ̀ pé òfin tí a fi kún ìwé kóòdù ló ṣiṣẹ́.

Àwo ẹ̀wà

Ó ku ohun kan tó máa ń dààmú àwọn ènìyàn, mo sì fẹ́ fi ẹ̀wà ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo wa la ti ṣa ẹ̀wà rí. Ká ní ẹ̀wà inú àwo yìí mọ́, òkúta tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni méjì ṣa á. Ẹ bi wọ́n nípa hóró kọ̀ọ̀kan: òkúta ni àbí ẹ̀wà? Wọ́n á fẹnu kò lórí èyí tó pọ̀ jù lọ, nítorí pé ẹ̀wà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn fi hàn pé wọ́n mọ òkúta?

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí àwọn ìyá wa. Ìbéèrè: ṣé ìyá dárúkọ àhesọ pé abẹ́rẹ́ máa ń sọ ọmọ di àgàn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú 100, Àṣàkẹ́ àti Àkànní jọ kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún 90. Wọ́n jọ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún 2. Nínú 8 tó kù, Àṣàkẹ́ nìkan kọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún 4, Àkànní nìkan fún 4. Ìbámu jẹ́ 92 nínú 100. Ayọ̀ dé! Ẹ wá ṣírò kápà: kálukú kọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún 6, "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún 94. Àkọsẹ̀bá jẹ́ 0.06 lọ́nà 0.06, ká fi 0.94 lọ́nà 0.94 kún un. Ó di 0.887. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 0.92, ẹ fi 0.113 pín in: 0.29.

92 nínú 100, kápà 0.29! Feinstein àti Cicchetti kọ̀wé lórí àdììtú yìí lọ́dún 1990, àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì tíì tán. Àwọn kan ní kápà ń parọ́, ká sọ ọ́ nù. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn tán. Ẹ wo ìdáhùn tí ó kéré tán ẹnìkan kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí: 10 ni, 2 péré ni wọ́n sì pàdé lórí rẹ̀. Lórí àhesọ gan-an, ohun tí a tìtorí rẹ̀ béèrè, wọn ò gbọ́ra wọn yé. Òótọ́ ni kápà sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ ni pé lórí "bẹ́ẹ̀ kọ́", wọ́n mọ́ra wọn dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ìsọ̀rí kan bá ṣọ̀wọ́n, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀. Fún "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ sọ 2 di ìlọ́po méjì, ẹ fi 12 pín in, torí pé 6 àti 6 ni wọ́n kọ: ó jẹ́ 0.33. Fún "bẹ́ẹ̀ kọ́", ẹ sọ 90 di ìlọ́po méjì, ẹ fi 188 pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.96. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà méjì yìí á mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà náà ni kí ẹ wá ìdáhùn púpọ̀ sí i tó dárúkọ àhesọ, kí ẹ fi wọ́n kọ́ olùpín.

Ọ̀nà kan náà la ó tọ̀ bí a bá gbà kí ìdáhùn kan bọ́ sí ìsọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kápà Cohen ń fẹ́ ìsọ̀rí kan fún ìdáhùn kan. Bí ìdáhùn bá lè ní ju ọ̀kan lọ, ẹ sọ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan di "ó wà" tàbí "kò sí", kí kálukú ní kápà tirẹ̀. Ẹ má ṣe rò wọ́n pọ̀ kí ẹ pín in, torí èyí tó dára á bo èyí tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí kápà kò lè ṣe

Kápà ń wọn ìbámu, kì í wọn òtítọ́. Bí èmi bá kọ́ Àṣàkẹ́ àti Àkànní pé gbogbo "ara ọmọ gbóná" jẹ́ ìbẹ̀rù, wọ́n á fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀, kápà á sún mọ́ 1, gbogbo wa á sì jọ ṣì í. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣọ́ra fún èyí ni pé mo máa ń fẹ́ kí ọ̀kan nínú olùpín jẹ́ ẹni tí kò sí níbi tí a ti kọ ìwé kóòdù. Ìwé nìkan ni kó fi ṣiṣẹ́. Bí ìwé náà kò bá lè dá dúró láìsí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì pé.

Wàyí o, kápà ti dé 0.83, ìdáhùn 11 ṣì wà tí a kò fẹnu kò lé lórí. Dandan ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà kan kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí olùpín méjèèjì jókòó sọ ọ́, kí ẹnìkẹta tó mọ iṣẹ́ náà dá sí i níbi tí wọn ò bá ti gbà, kí ẹ sì kọ ìdí ìpinnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ìbámu á di 100 nínú 100, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni kí ẹ kọ sínú ìjábọ̀. 0.83 tí ẹ rí kí wọ́n tó jókòó pọ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ iye ìdáhùn tí ẹ lò, kí ẹ kọ ibi tí àìdájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé, kí ẹ sì tẹ pátákó náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.